Bí ẹ ṣe lè sọ Orí Kejì gígùn di àtẹ ojú ewé méjì

Láti ìgbà tí mo ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tún pírójẹ́ẹ̀tì ṣe ní Abẹ́òkúta, ìbéèrè kan náà ló ń wọlé: "Ẹ̀gbọ́n, súpáfáísọ̀ mi ní kí n kó gbogbo Orí Kejì sínú àtẹ, kó má ju ojú ewé 2 lọ. Ojú ewé 38 ni mo kọ. Kí ni kí n gé?"

Gígé kọ́ ló máa gbé yín débẹ̀. Ẹni tó bá ń gé gbólóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan á gé e di ojú ewé 20, ibẹ̀ ló sì máa dúró sí. Bí ẹ ṣe to iṣẹ́ náà gan-an lẹ máa yí padà. Orúkọ òǹkọ̀wé la sábà máa ń fi to Orí Kejì, ibi tí a ti ń sọ ohun tí àwọn ìwé tó ṣáájú ti sọ: Lágbájá sọ báyìí, Tàmẹ̀dò náà sọ báyìí, Làkáṣègbè kò gbà. Kókó lẹ máa fi to àtẹ, kí àwọn òǹkọ̀wé wá kóra jọ sábẹ́ kókó tó kàn wọ́n.

Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ látòkè délẹ̀. Ó ń kọ nípa omi aró tí àwọn aládìrẹ ń dà nù ní Ìtòkú àti Aṣẹ̀rò. Ojú ewé 38 ni Orí Kejì rẹ̀, ìwé 46 ló tọ́ka sí. Mo ti yí nǹkan díẹ̀ padà kí ẹ má baà dá a mọ̀, lẹ́tà ni mo sì fi dúró fún àwọn ìwé rẹ̀. Nígbà tí mo bá ní "ọ̀wọ́", ohun tó lọ níbùú nínú àtẹ ni. "Òpó" ni èyí tó dúró lóòró. "Àpótí" ni ibi tí méjèèjì ti pàdé.

## Ohun tí ẹ máa nílò

- Orí Kejì tí ẹ ti tẹ̀ sórí ìwé, pẹ̀lú bírò aláwọ̀ méjì
- Àwọn ìwé tí ẹ tọ́ka sí fúnra wọn (PDF tàbí fọ́tòkọ́pì)
- Kọ̀ǹpútà tó ní Excel tàbí LibreOffice. Ìwé ẹ̀kọ́ onílà náà tó o bí kò bá sí
- Ọjọ́ 3. Alẹ́ ọjọ́ kan kò lè tó, nítorí ẹ máa padà ṣí àwọn ìwé náà

## Ìgbésẹ̀ 1: Kọ ohun tí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan ń sọ sí etí ìwé

Ka ìpínrọ̀ kan, gbé ojú kúrò, kí o sì kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sí etí rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ gbólóhùn tó pé. "Omi aró àti kànga" kò tó, àkọlé lásán nìyẹn. "Omi aró tí wọ́n dà sí gọ́tà ń jò wọnú kànga tó wà nítòsí" ni gbólóhùn, nítorí ẹnì kan lè jiyàn pé irọ́ ni.

Ìpínrọ̀ tí o kò bá rí gbólóhùn fún, fi bírò kejì sàmì sí i. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ àti ìtàn ló sábà máa ń kún ibẹ̀. Odidi ojú ewé mẹ́sàn-án nínú iṣẹ́ àbúrò wa yìí ló jẹ́ ìtàn: bí wọ́n ṣe ń gún ewé ẹ̀lú, bí àdìrẹ ẹlẹ́kọ ṣe yàtọ̀ sí oníko àti alábẹ́rẹ. Ọmọ aládìrẹ ni, ibẹ̀ ló dùn mọ́ ọn jù, ó sì kọ ọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ìbéèrè pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni ibi tí omi aró ń lọ àti ohun tó ń bà jẹ́. Ìtàn náà wà nínú Orí Kejì títí dòní. Inú àtẹ ni kò wọ̀.

## Ìgbésẹ̀ 2: Kó àwọn ìwé sínú tábìlì iṣẹ́

Tábìlì yìí kì í ṣe èyí tí súpáfáísọ̀ máa rí. Ilé ìdáná ni, kò burú bó bá dọ̀tí. Ìwé kan, ọ̀wọ́ kan. Àwọn òpó rẹ̀ nìyí:

```
ID | Onkowe_Odun | Ibi | Igba | Ona | Abajade | Ewe | K1 | K2 | K3 | K4
```

1. Ibi àti Ìgbà: ibi tí wọ́n ti ṣe ìwádìí, àti oṣù tàbí àsìkò tí wọ́n ṣe é. Ìgbà tí wọ́n *ṣe* é ni mo wí, kì í ṣe ọdún tí ìwé jáde. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fo òpó yìí. Ẹ má fò ó, torí òun ló máa tú ìjà inú Ìgbésẹ̀ 5.
2. Ọ̀nà: bí wọ́n ṣe wá ìdáhùn. Ṣé wọ́n bu omi lọ yẹ̀ wò ni, àbí wọ́n fọ̀rọ̀ wá àwọn ìyá aládìrẹ lẹ́nu wò? Mélòó ni wọ́n bù, mélòó ni wọ́n bá sọ̀rọ̀?
3. Àbájáde: ní ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ, kó má ju gbólóhùn 2 lọ. Má ṣe gbé gbólóhùn òǹkọ̀wé síbẹ̀. Bó bá yá, wàá gbàgbé pé tirẹ̀ ni, wàá sì gbé e sínú àtẹ bí ẹni pé ìwọ lo kọ ọ́.
4. Ewé: nọ́mbà ojú ewé tí àbájáde náà wà.

Fi K1 sí K4 sílẹ̀ lófìfo fún báyìí.

Ìkìlọ̀. Bí o kò bá tíì fojú ara rẹ rí ìwé kan, tó jẹ́ pé inú ìwé ẹlòmíràn lo ti rí i tí wọ́n mẹ́nu bà á, kọ "àgbọ́sọ" sí òpó Ọ̀nà rẹ̀. Nínú ìwé 46 yẹn, 8 ló jẹ́ àgbọ́sọ. Nígbà tó wá 3 rí nínú wọn tó sì kà wọ́n, ọ̀kan kò sọ ohun tí wọ́n ní ó sọ rárá. Omi ilé iṣẹ́ aṣọ ńlá ló yẹ̀ wò, kì í ṣe ti aládìrẹ ẹ̀yìnkùlé.

## Ìgbésẹ̀ 3: Din kókó kù sí 4 tàbí 5

Ka àwọn gbólóhùn etí ìwé rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o sì fún èyí tó jọra ní orúkọ kan. Ní ìgbà àkọ́kọ́, orúkọ máa pọ̀. Tiwa jẹ́ 17. A kọ wọ́n sórí ègé ìwé, a tẹ́ wọn sórí ilẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì wọ́n sún mọ́ra.

"Awọ tó ń bó", "ojú tó ń ta" àti "ikọ́" di kókó kan, torí ìdí kan náà ló so wọ́n pọ̀: sódà kọ́sítíìkì tí wọ́n ń dà sínú aró máa ń jó awọ, ooru aró gbígbóná sì ń bá wọn ní ojú àti imú. "Àwọ̀ omi" àti "sódà inú omi" para pọ̀. "Òfin àyíká" ní ìwé 1 péré lẹ́yìn rẹ̀, ó sì tú ká. Bá a ṣe ń bá a lọ nìyẹn títí ó fi ku 4:

1. Ohun tó wà nínú omi aró
2. Ibi tí omi náà ń lọ lẹ́yìn gọ́tà
3. Ohun tó ń ṣe aládìrẹ fúnra rẹ̀
4. Ọ̀nà olówó pọ́ọ́kú láti fọ omi náà mọ́, bí eédú tí wọ́n fi èèpo ekùrọ́ tàbí èèpo àgbọn ṣe

Wá padà sí tábìlì iṣẹ́, fi x sí K1, K2, K3 tàbí K4 níwájú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ìwé kan lè gba x méjì. Kí kọ̀ǹpútà bá ọ ka iye x, kọ èyí sábẹ́ òpó K1, kí o fà á lọ sápá ọ̀tún:

```
=COUNTIF(H2:H47,"x")
```

Iye tó bá jáde ló máa sọ fún ọ bóyá o ti pín in dáadáa. Kókó tí kò ní tó ìwé 3 kò tíì di kókó, àlàfo ni, òpó àlàfo inú Ìgbésẹ̀ 5 ni wàá gbé e lọ. Kókó tó bá gba ju ìdajì gbogbo ìwé lọ ti fẹ̀ jù, wá ibi tó ti là sí méjì.

## Ìgbésẹ̀ 4: Yan ìwé tó máa wọ inú àtẹ

Ìwé 46 kò lè wọ ojú ewé 2 kó sì ṣeé kà. Ìṣirò tiwa lọ báyìí. Àgbọ́sọ 5 tí kò rí jáde, ó ku 41. Ìwé 12 tó jẹ́ ìtàn àti ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ jáde, ó ku 29. Lẹ́yìn náà la wá kan èyí tí ọ̀pọ̀ kì í fura sí: iṣẹ́ kan náà tí wọ́n gbé jáde lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta.

Ó wọ́pọ̀ pé kí ènìyàn kọ ìwé oyè, kó tún fà á ya di àpilẹ̀kọ 2 fún jọ́nà. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ bí o bá ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ẹlẹ́rìí mẹ́ta, o ti ṣi ẹni tó ń ka àtẹ rẹ lọ́nà. Ẹnì kan ló sọ̀rọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí o ṣe lè mọ̀ wọ́n:

- ibi kan náà, àsìkò kan náà
- iye ènìyàn tàbí iye omi tí wọ́n yẹ̀ wò bára mu gẹ́lẹ́
- àwọn orúkọ kan náà, tí wọ́n kàn yí ipò wọn padà

Òpó Ibi, Ìgbà àti Ọ̀nà ni kí o fi to tábìlì iṣẹ́ rẹ (Data > Sort), wọ́n á sì kóra jọ sí ojú kan. A rí ìdì 2: mẹ́ta di ọ̀kan, méjì di ọ̀kan. Ìwé 26 ló kù. Èyí tó kún jù nínú ìdì la mú, a sì sọ̀rọ̀ àwọn yòókù sábẹ́ àtẹ ní ìlà kan.

## Ìgbésẹ̀ 5: Kọ ohun tó máa wà nínú àpótí

Òpó 5 ni àtẹ tó ṣeé fi jẹ́ iṣẹ́ ní: kókó, ohun tí wọ́n fẹnu kò lé, ibi tí wọ́n ti yà, àwọn ìwé, àti àlàfo. Àpótí "ibi tí wọ́n ti yà" ni iṣẹ́ wà jù, ó sì yẹ ká jókòó tì í.

Ohun tí àbúrò wa kọ́kọ́ kọ fún kókó 2 nìyí:

> B, D, F, H àti M sọ pé omi aró ń ba kànga jẹ́. G àti K sọ pé kò bà á jẹ́.

Ó ní àwọn márùn-ún ju àwọn méjì lọ, torí náà ó ń ba kànga jẹ́. Mo ní, "Àbúrò mi, ìdìbò kọ́ nìyí." A ṣí tábìlì iṣẹ́, a wo òpó Ìgbà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn márààrún bu omi. Ìgbà òjò ni G àti K bu tiwọn. A wo òpó Ọ̀nà. Kànga tí kò jìn, tó wà létí gọ́tà gan-an, ni àwọn márùn-ún lọ. Kànga tí wọ́n fi kọnkéré yí lójú, tó sì jìnnà sí gọ́tà, wà nínú ti G. K ní tirẹ̀ kò wá sódà tàbí àwọ̀ aró nínú omi. Irin wíwúwo nìkan ló yẹ̀ wò. Kànga kan lè yege nínú èyí, kó sì kùnà nínú èyí tó kù.

Nítorí náà, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ takora. Kànga ọ̀tọ̀, àsìkò ọ̀tọ̀, ohun ọ̀tọ̀ ni wọ́n wá. Bí ọ̀wọ́ náà ṣe wá rí nìyí:

| Kókó | Ohun tí wọ́n fẹnu kò lé | Ibi tí wọ́n ti yà | Àwọn ìwé | Àlàfo |
|---|---|---|---|---|
| Omi aró máa ń dé kànga nígbà tí kànga kò bá jìn tó sì súnmọ́ gọ́tà | Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n rí sódà àti àwọ̀ aró nínú kànga etí gọ́tà (5) | G kò rí i, ṣùgbọ́n ìgbà òjò ló bu omi, kànga oníkọnkéré sì wà lára tirẹ̀. K kò rí i, ṣùgbọ́n irin wíwúwo nìkan ló wá. Ó ṣeé ṣe kí àsìkò àti irú kànga fa ìyàtọ̀ náà | B, D, F, H, M. G, K | Kò sí nínú wọn tó bu omi kànga kan náà ní ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn |

Ẹ kíyè sí "ó ṣeé ṣe". Kò sí ìwé kankan nínú méjèèje tó dán an wò pé àsìkò ló fa ìyàtọ̀. Àwa la rò ó, torí náà a kò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ bí ẹni pé àbájáde ni. Ẹ tún wo àpótí tó gbẹ̀yìn. Ó ti ń wá àlàfo pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ láti oṣù méjì, inú ìyàtọ̀ yẹn ló jókòó sí. Kànga 6 ní Ìtòkú, kó bu omi rẹ̀ ní oṣù kejì, kó tún bù ú ní oṣù kẹsàn-án: ohun tó bá súpáfáísọ̀ rẹ̀ sọ nìyẹn.

Bí o ṣe máa ṣe é fún kókó kọ̀ọ̀kan:

1. Kọ kókó náà ní gbólóhùn tó ní "nígbà tí" tàbí "bí" nínú. Bí kò bá sí èyí, ó ṣeé ṣe kó fẹ̀ ju ohun tí àwọn ìwé sọ lọ.
2. Kọ ohun tí ó kéré tán ìwé 2 tí kì í ṣe iṣẹ́ kan náà fẹnu kò lé. Fi iye wọn sínú àkámọ́.
3. Fún ìwé tó bá yà, kọ *ìdí* tó ṣeé fojú rí: ibi, ìgbà, ọ̀nà, ohun tí wọ́n wọ̀n. Bí o kò bá rí ìdí, kọ "ìdí kò hàn". Má ṣe dá ìdí sílẹ̀.
4. Àlàfo gbọ́dọ̀ ti inú àpótí tó ṣáájú rẹ̀ jáde. "Ìwádìí púpọ̀ sí i ṣì pọn dandan" kì í ṣe àlàfo.

## Ìgbésẹ̀ 6: Wọn àyè kí o tó tẹ̀ ẹ́

Ìwé A4 tí o bá tẹ́ níbùú fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 29.7, gíga rẹ̀ jẹ́ 21. Yọ sẹ̀ǹtímítà 2 ní etí kọ̀ọ̀kan, ó ku 25.7 sí 17. Lẹ́tà onípọ́íǹtì 10 máa fún ọ ní nǹkan bí ìlà 40 lójú ewé kan. Yọ 4 fún àkọlé àti orí àtẹ. Ìlà 36 lẹ́ẹ̀mejì jẹ́ 72, kókó 4 sì pín in: 18 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lo 16, fi 2 sílẹ̀ kí àtẹ lè mí.

Ìwọ̀n òpó tó ṣiṣẹ́ fún wa ni: kókó 4, ohun tí wọ́n fẹnu kò lé 7.5, ibi tí wọ́n ti yà 7, àwọn ìwé 3, àlàfo 4.2. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 25.7 gẹ́lẹ́. Nínú òpó 7.5, nǹkan bí ọ̀rọ̀ 7 ló ń wọ ìlà kan bó bá jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì lo fi ń kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ 90 ni òpin àpótí yẹn, àpótí àlàfo sì jẹ́ 40. Kókó méjì ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó gé sí méjì.

Nínú Word:

1. Layout > Breaks > Next Page, ṣáájú àtẹ àti lẹ́yìn rẹ̀. Bí o bá fo èyí, gbogbo pírójẹ́ẹ̀tì rẹ ló máa dùbúlẹ̀.
2. Fi kọ́sọ̀ sí àárín ibẹ̀, Layout > Orientation > Landscape.
3. Yan ọ̀wọ́ àkọ́kọ́, tẹ Repeat Header Rows.
4. Yan gbogbo àtẹ, Table Properties > Row, yọ àmì kúrò níwájú "Allow row to break across pages".

Bó bá kọjá ojú ewé 2, má ṣe sá lọ sí lẹ́tà onípọ́íǹtì 7. Pọ́íǹtì 9 ni mo lè fara mọ́ dé. Padà sí òpó "fẹnu kò lé", ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó tún ara rẹ̀ sọ máa ń sá pamọ́ sí.

## Àṣìṣe tí mo ń rí léraléra

- Ìwé wà nínú àtẹ, kò sí nínú àkójọ ìwé ìtọ́kasí. Fi Ctrl+F wá orúkọ kọ̀ọ̀kan.
- Ọdún inú àtẹ yàtọ̀ sí ọdún inú Orí Kejì.
- Àpótí tó ṣófo pátápátá. Kọ "kò sí ìyàtọ̀ tí mo rí", kí wọ́n má baà rò pé o gbàgbé.
- Gbólóhùn Orí Kejì tí wọ́n gbé wọlé bó ṣe wà. Nínú àtẹ, "gẹ́gẹ́ bí ìwádìí ti fi hàn" kò wúlò rárá.

Láti yẹ̀ ẹ́ wò, mú ìwé 5 láìyàn, ṣí wọn sí ojú ewé tó wà ní òpó Ewé, kí o sì ka ohun tí o sọ pé wọ́n sọ. Bí 1 bá ṣìnà, yẹ gbogbo rẹ̀ wò.

## Bí ipò tìrẹ bá yàtọ̀

Fóònù nìkan lo ní. Google Sheets máa ṣe tábìlì iṣẹ́, àmọ́ má ṣe kọ àtẹ náà fúnra rẹ̀ lórí fóònù, o kò ní mọ ibi tí ojú ewé parí sí. Kọ ọ́ sínú ìwé onílà tí o tẹ́ níbùú, kí o wá gbé e lọ sí kọ̀ǹpútà nígbà tó bá ti pé.

Súpáfáísọ̀ fẹ́ àtẹ tó to òǹkọ̀wé lọ́kọ̀ọ̀kan. Má ṣe bá wọn jiyàn. Tábìlì iṣẹ́ Ìgbésẹ̀ 2 ni wọ́n ń béèrè. Tún un ṣe díẹ̀, fi sí ẹ̀yìn pírójẹ́ẹ̀tì, kí àtẹ kókó wà nínú Orí Kejì. Bí àwọn bá ní ọ̀kan ṣoṣo làwọn fẹ́, fún wọn ní èyí tí wọ́n béèrè.

Ìwé rẹ kò tó 15. Kókó 3, ojú ewé 1. Má fà á gùn.

## Títẹ̀ ẹ́ jáde

Mo gbé àtẹ mi kan lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan ní Pànṣẹ́kẹ́ nígbà kan, nínú Word. Kọ̀ǹpútà wọn kò ní fọ́ńtì tí mo lò. Ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, òpó fẹ̀, ojú ewé 2 di 3, gbogbo àmì orí orúkọ àwọn òǹkọ̀wé Yorùbá sì di àpótí kéékèèké. Ẹ̀dà 5 ni mo ti sanwó fún kí n tó wò ó. Láti ọjọ́ náà, File > Save As > PDF ni mo ń ṣe nílé kí n tó jáde, màá ní kí wọ́n tẹ ẹ̀dà 1, màá ka ojú ewé kejì rẹ̀ dé ìlà tó gbẹ̀yìn lórí káńtà, kí n tó ní kí wọ́n tẹ ìyókù. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní "Actual size". "Fit" lè dín lẹ́tà onípọ́íǹtì 10 yín kù láìsọ fún yín.